Ọdún 35 sí 60: bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí lára eegun àgbàlagbà

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọnà, nílùú Iléṣà, ni àwọn bíríkìlà ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kan eegun èèyàn. Àwọn ọlọ́pàá kó o lọ fún àyẹ̀wò, ìwé tó padà wá sì sọ pé obìnrin ni, pé ẹni ọdún 35 sí 60 ni nígbà tó kú. Bàbá wa àgbà, tí wọ́n bí ní 1935, yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn ni, tí wọ́n bí lásìkò ogun Kírìjì, tí wọ́n sin síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950, pé arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni. Wọ́n ní ṣebí gbogbo wa rí i pé agbárí ti lẹ̀ pọ̀ tán, eyín sì ti jẹ wọlé. Ṣé àwọn dókítà yìí ṣì í ni? Kí ló dé tí wọn ò lè dárúkọ ọdún kan ṣoṣo?"

Ìwé yẹn kò ta ko Bàbá tó bí ẹ ṣe rò. Ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ yanjú: iye ọdún tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe iye ọdún tí eegun náà ti lò nínú ilẹ̀, ọjọ́ orí obìnrin náà lọ́jọ́ tó kú ni. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ẹni tó ń wá iye ọdún tí òkú ti wà nínú ilẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì rí 35 sí 60 bí odi tí wọ́n mọ yí ọ̀rọ̀ ká. Kò sẹ́ni tó sọ níbẹ̀ pé obìnrin náà kò lè jẹ́ ẹni 34, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ pé kò lè jẹ́ ẹni 65. Bí a bá dé ibi ìbàdí, màá fi ibi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú òǹkà méjèèjì hàn yín.

Ká ní eegun ọmọdé ni wọ́n hú, òǹkà ì bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eegun ọmọ ń dàgbà bí àgbàdo ṣe ń dàgbà lóko: àgbẹ̀ á wò ó, á ní àgbàdo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Eyín tó ti hù àti èyí tó kù, orí eegun tó ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ àti èyí tí kò tíì lẹ̀, gbogbo wọn ló ní àkókò wọn. Èyí tó máa ń kẹ́yìn nínú wọn ni ìdí eegun tó dábùú lábẹ́ ọrùn, níbi tó ti kan eegun àárín àyà. Nígbà tí èèyàn bá fi máa di ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn náà ti lẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tó ń dàgbà mọ́ tí a lè kà. Gbígbó ló kù tí à ń wò, gbígbó kì í sì í rìn bí aago. Ẹ fún èèyàn méjì ní irú bàtà kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan máa wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì, kí èkejì máa wọ̀ ọ́ ti ọmọlanke. Bó bá di ọdún kan, ẹ kó bàtà méjèèjì fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, kó yí ìsàlẹ̀ wọn wò, kó sọ iye oṣù tí wọ́n ti lò wọ́n. Irú iṣẹ́ tí ẹni tó ń wo eegun àgbàlagbà ń ṣe nìyẹn.

Nínú ibi mẹ́ta tí wọ́n máa ń wò, ìyẹn ìbàdí, agbárí àti eyín, ìbàdí ni mo gbà gbọ́ jù. Ibi tí Bàbá fi ń jà, ìyẹn agbárí, ni mo gbà gbọ́ kéré jù. Eegun ìbàdí ọ̀tún àti ti òsì pàdé níwájú, ní ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí irun abẹ́ ti ń hù. Kérékèré ló wà láàárín wọn tó so wọ́n pọ̀. Bí kérékèré yìí bá ti jẹrà tán, ojú eegun méjèèjì tó kọjú síra wọn á ṣí sílẹ̀. Ojú yìí kò tóbi rárá: gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, ìbú rẹ̀ kò tó méjì. Ẹni tó ń wò ó á gbé e sọ́wọ́, á yí i kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dojú kọ ọ́ gbàgà, kò ní sí òjìji, ohun gbogbo á sì dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Lára ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún, ojú yẹn dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: ebè, poro, ebè, poro, wọ́n dábùú ojú eegun láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ààlà kankan tó yí oko náà ká. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, eegun tuntun á máa kún inú poro, ebè á máa rẹlẹ̀ bí èyí tí òjò ti nà fún ìgbà pípẹ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ ojú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ààlà. Etí kan á máa ga bọ̀ lápá iwájú, títí gbogbo rẹ̀ á fi di òbìrí gígùn bí ẹyin, tí etí yí ká bí etí àwo. Bí etí bá yí ká tán, àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀. Lára àwọn tó gbó jù, etí yẹn fúnra rẹ̀ á máa fọ́, á rí jágajàga, ihò wẹ́wẹ́ á sì máa lu ojú eegun bí igi tí kòkòrò ti jẹ.

Ní 1920 ni Todd, ní Amẹ́ríkà, pín ìrìnàjò yìí sí ìpele mẹ́wàá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lónìí ni ti Brooks àti Suchey tó jáde ní 1990. Ìpele mẹ́fà ló ní, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n sì fà á yọ láti ara òkú tó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n yẹ̀ wò ní Lọs Áńjẹ́lẹ́sì, tí wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn. Àwòṣe méjì ló wà fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìpele náà, èkejì fún ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á gbé eegun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwòṣe yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì wá èyí tó jọ ọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò jọ méjì, tí èèyàn méjì tó mọṣẹ́ dáadáa á sì fi sí ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí òǹkà inú ìwé yín ti wá rèé, bí mo bá fojú bù ú. Ìpele karùn-ún ti obìnrin ni èyí tí etí ti yí ká tán tí àárín sì ti ń tẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá pín ọjọ́ orí àwọn obìnrin tó wà ní ìpele yẹn dọ́gba, ọdún 48 ló ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá mú ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, àwọn tó sún mọ́ àárín jù, wọ́n á wà láàárín ọdún 33 sí 63. Ẹ gé e kó dọ́gba díẹ̀, ó di 35 sí 60. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kó márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn mọ́ ọn, òǹkà á fẹ̀ di ọdún 25 sí 83. Eegun kan náà ni, ìpele kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni iye èèyàn tí ẹni tó kọ ìwé gbà kó ṣubú síta. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ló lò, á jẹ́ pé nínú obìnrin mẹ́ta tí ojú ìbàdí wọn rí báyìí, ọ̀kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò sí nínú ohun tó kọ. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ni kì í sọ ọ́, tí ẹbí á sì mú òǹkà náà bí ìdájọ́.

Ìbàdí obìnrin tún máa ń ṣòroó kà ju ti ọkùnrin lọ. Òǹkà wọn fẹ̀ jù, ẹ sì lè rí i nínú ìpele kẹrin: ti ọkùnrin jẹ́ ọdún 23 sí 57, ti obìnrin jẹ́ 26 sí 70. Àwọn kan máa ń wo ihò kéékèèké tó wà lẹ́yìn eegun náà, wọ́n á ní ìyẹn ni àpá ọmọ bíbí, pé àwọn lè ka iye ọmọ tó bí. Ẹ má gba ìyẹn gbọ́. Àwọn obìnrin tí kò bímọ rí máa ń ní in, àwọn tó bímọ rẹpẹtẹ mìíràn kì í sì í ní.

Ilẹ̀ náà ní ohun tó máa ń ṣe sí eegun. Ilẹ̀ pupa wa ò bá eegun ṣọ̀rẹ́: ó kan, òjò pọ̀, omi sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún. Apá iwájú ìbàdí tí mò ń ròyìn yìí sì fẹ́lẹ́, òun ni dígà máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ihò tí ilẹ̀ lu sára eegun lè jọ ihò ogbó pátápátá, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á fi ẹni ọdún 40 sí ìpele kẹfà. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni ká wo etí ihò náà. Èyí tó wà níbẹ̀ nígbà ayé ẹni náà, etí rẹ̀ dán, ó sì rọ̀ wọnú, nítorí eegun tó wà láàyè ló ṣe é. Èyí tí ilẹ̀ ṣe, etí rẹ̀ mú, ó rí hẹ́bẹhẹ̀bẹ, ó sì sábà máa ń kọjá ààlà ojú náà lọ sórí eegun ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kó ní ihò. Ojú ibi tí dígà bá fọ́ lónìí á funfun ju ara eegun yòókù tí erùpẹ̀ ti pa láró. Ti ikán tún yàtọ̀: ìlà wẹ́wẹ́ tó tàn bí ìràwọ̀ ló máa ń fi sílẹ̀.

Bí iwájú ìbàdí bá ti fọ́ kọjá kíkà, wọ́n á yí sẹ́yìn, síbi tí eegun ìbàdí ti kan eegun ìdí ní ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ojú kan wà níbẹ̀ tó rí bí etí èèyàn. Ó nípọn, ó fara pamọ́, ó sì máa ń ṣẹ́kù nígbà tí iwájú ti run. Lára ọ̀dọ́, ó ní ìgbì díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ sì kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀. Bó ṣe ń gbó, ìgbì á lọ, ara rẹ̀ á máa le sí i bí gàrí. Nígbà tó bá yá, á wá dì, á dán, lẹ́yìn náà ihò ńlá á dé, etí rẹ̀ á sì máa yọ ṣóńṣó. Lovejoy àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ to ìpele mẹ́jọ fún un ní 1985, ọdún márùn-ún márùn-ún láti 20 títí dé 49, lẹ́yìn náà 50 sí 60, kó tó wá di 60 sókè. Ọdún márùn-ún yẹn dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n eegun kì í há tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dán an wò lára eegun tí wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn rí i pé ó yẹ kí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ agbárí ló kàn. Gbogbo wa la mọ àwùjẹ̀ ọmọ, bó ṣe ń lù kìkì lórí ọmọ ìkókó títí tó fi máa ń dí ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì. Ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni pé agbárí kì í ṣe eegun kan ṣoṣo, pátákó eegun bíi mélòó kan ló pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìlà wíwọ́kọwọ̀kọ tó dà bí ojú abẹ́rẹ́ rírán wà. Ọ̀kan dábùú iwájú orí láti ẹ̀bátí kan dé ìkejì. Ọ̀kan gba àárín orí lọ sẹ́yìn. Ọ̀kan wà lẹ́yìn orí, ó yà sí ọ̀tún àti òsì bí ẹnu òrùlé. Àwùjẹ̀ wà níbi tí ti àárín ti kan ti iwájú. Nígbà àgbà, àwọn ìlà yìí máa ń lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú kí ó tó hàn síta. Láti ìgbà láéláé ni àwọn èèyàn ti rò pé bí ìlà bá ti lẹ̀ tán, arúgbó ni.

Ọ̀nà tí Meindl àti Lovejoy là sílẹ̀ ní 1985 kì í béèrè bóyá "orí ti lẹ̀ tán". Ó ń mú ojú ibi méje lórí agbárí, sẹ̀ǹtímítà kan péré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fún un ní máàkì: òdo bí ó bá ṣí sílẹ̀ pátápátá, 1 bí ó ti ń lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá ìdajì, 2 bí púpọ̀ rẹ̀ ti lẹ̀, 3 bí ìlà ti pa rẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú agbárí kan tó jọ èyí tí ẹ ròyìn. Ní agbedeméjì ìlà ẹ̀yìn, 3. Níbi tí ìlà ẹ̀yìn ti kan ti àárín, 3. Lórí ìlà àárín lápá ẹ̀yìn, 3, lápá iwájú rẹ̀, 3. Lójú àwùjẹ̀, 2. Ní agbedeméjì ìlà iwájú, 1. Ní ẹ̀bátí, 1. Ó di 16. Ojú lásán tó ń wo agbárí yìí láti ẹ̀yìn á ní ó ti lẹ̀ tán, torí ẹ̀yìn àti àárín orí ló kọ́kọ́ rí. Àwọn tó ní máàkì 16 sí 18, bí wọ́n bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún 49 ló ń bọ́ sí, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì wà láàárín 38 sí 59. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó gbogbo wọn tán ku díẹ̀, ó di 28 sí 70.

Ẹ wò ó, gbogbo ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ́ àgbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ìyẹn. Ìlà àárín orí lè lẹ̀ tán lára ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó wà tí ìlà wọn ṣì ṣí gbayawu. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí ìlà kan lẹ̀ lórí wọn kí wọ́n tó bí wọn. Nítorí náà, ohun tí agbárí yín lè jẹ́rìí sí kò ju pé kì í ṣe ọmọ ogún ọdún lọ. Erùpẹ̀ náà tún máa ń tan èèyàn: amọ̀ pupa máa ń di inú ìlà tó ṣí, á gbẹ, á wá dà bíi pé eegun ti lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ṣóńṣó igi ni wọ́n fi ń yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́ irin, torí irin á fa ìlà tuntun tí ẹlòmíràn á kà mọ́ ti àtijọ́.

Ti eyín dùn-ún ṣàlàyé, torí oúnjẹ wa ló wà nínú rẹ̀. Erìgì àkọ́kọ́ máa ń hù nígbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà, èkejì ní nǹkan bíi méjìlá, ìkẹta ní nǹkan bíi méjìdínlógún. Ìyẹn ni pé nígbà tí èkejì ń yọ orí, àkọ́kọ́ ti jẹun fún ọdún mẹ́fà. Miles, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọgbọ́n yìí ní 1963. Ẹ mú eegun àwọn ọmọ ọdún méjìlá láti ìlú kan náà, ẹ wo bí erìgì àkọ́kọ́ wọn ṣe jẹ tó, ẹ ti mọ ohun tí ọdún mẹ́fà ń ṣe sí eyín ní ìlú yẹn. Bí ẹ bá wá rí àgbàlagbà tí erìgì kejì rẹ̀ jẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé erìgì kejì ti ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́fà ààbọ̀, torí òun kì í tètè jẹ tó ti àkọ́kọ́. Ẹ ó máa fi bẹ́ẹ̀ gun àkàbà lọ sókè. Ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí èèpo funfun ti jẹ tán tí inú eyín ti hàn. Inú náà pọ́n díẹ̀ bí oyin, á kọ́kọ́ yọ bí ojú abẹ́rẹ́ lórí góńgó kọ̀ọ̀kan, àwọn ojú náà á máa fẹ̀, wọ́n á pàdé, títí erìgì á fi di pẹrẹsẹ tí etí funfun kan ṣoṣo yí ká.

Ibi tó ti ń dẹnu kọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ìlú kan náà" yẹn. Àwòrán jíjẹ eyín tí wọ́n tò sínú ìwé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà kọ, ara eyín àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni wọ́n ti yà á. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà tó kú ní 1950, orí ọlọ ló ti lọ ata àti ẹ̀gúsí láti kékeré, ọlọ àti ọmọ ọlọ á sì máa bó yanrìn wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Orí àpáta ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́. Eyín ni ó fi ń run pákò, eyín ni ó fi ń jẹ obì, àfàìmọ̀ kó má tún jẹ́ pé eyín ló fi ń pa ẹ̀kùrọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti jẹ erìgì àkọ́kọ́ rẹ̀ wọlé nígbà tó wà ní ẹni ogójì ọdún. Ẹni àádọ́rin ọdún tó ń jẹ búrẹ́dì àti ìrẹsì ṣíṣà lónìí lè má jẹ ìdajì rẹ̀. Èèyàn sì lè pàdánù erìgì òkè nígbà ọ̀dọ́, kí ti ìsàlẹ̀ tó kọjú sí i wá dúró láìjẹ fún ogún ọdún, torí kò rí ohun tí yóò máa lọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wo ẹnu lápapọ̀, apá ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n má fi eyín kan ṣoṣo dájọ́.

Nígbà mìíràn, ihò tí eyín ti kúrò máa ń ní ọ̀rọ̀ sọ ju eyín fúnra rẹ̀ lọ. Bí eyín bá bọ́ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ikú, ihò rẹ̀ á ṣí, á jìn, etí rẹ̀ á sì mú. Bó bá jẹ́ pé ó ti kúrò nígbà ayé rẹ̀, eegun á ti kún ihò náà, ojú ibẹ̀ á dán, egungun àgbọ̀n á sì rẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni obìnrin yìí, ó yẹ kí irú èyí pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n rí i.

Bí a bá wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn kì í dọ́gba lẹ́nu, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sì í fi wọ́n pín sí mẹ́ta bí ìgbà tí wọ́n ń pín owó àjọ. Ìbàdí ló ń ṣáájú, agbárí àti eyín wà níbẹ̀ láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá ohun kan ń ta ko ó. Àbùkù kan sì wà tí gbogbo wọn jọ ní. Ní ọdún 1984 sí 1986, wọ́n hú òkú láti abẹ́ ilé ìjọsìn kan ní Spitalfields, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí orúkọ àti ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ wọn wà lára pósí. Nígbà tí wọ́n ka ọjọ́ orí lára eegun láìwo ara pósí, tí wọ́n wá fi wéra, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sọ dàgbà ju bí wọ́n ṣe jẹ́, àwọn arúgbó sì ni wọ́n sọ di ọ̀dọ́. Ọ̀nà yìí ń fa gbogbo èèyàn wá sí àárín. Bí eegun yín bá jẹ́ ti ẹni àádọ́rin, ibi tí àṣìṣe á gbé e lọ náà ni ìsàlẹ̀, sí àádọ́ta.

Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó dunnú sí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi irú ojú kan náà wo òǹkà tiwọn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì túká tán títí di 1893. Ẹni tí wọ́n bí "lásìkò Kírìjì" tó kú ní nǹkan bí 1950, ó lè jẹ́ ẹni 57, ó sì lè jẹ́ ẹni 73. Ẹ̀rí kan tó dájú ju ìyẹn lọ wà nílé yín: ọdún 1935 ni ó bí Bàbá. Díẹ̀ ni obìnrin tó ń bímọ lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́ta. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn gan-an, nǹkan bí 1890 ni wọ́n bí i, ó sì fi jẹ́ ẹni bí ọgọ́ta ọdún nígbà tó kú. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ìkẹyìn tó pẹ́ gan-an ni Bàbá, ká fi ọdún mélòó kan kún un, kò lè rọrùn kó kọjá 65. Bàbá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà rí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún, ó rí arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọmọ wo ni kò ní rí i bẹ́ẹ̀? Ọdún 57 sí 65 tí ẹbí ń sọ àti 35 sí 60 tí ìwé ń sọ pàdé ara wọn láìjà.

Pípàdé yẹn kò sọ pé òun ni o. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti gbé Ìsọnà rí ló wọ inú 35 sí 60. Ohun tí ọjọ́ orí eegun lè ṣe ni kó yọ ẹnì kan kúrò: ká ní wọ́n rí ìbàdí tí ebè àti poro rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, kò lè jẹ́ ìyá Bàbá láé. Láti mọ̀ bóyá òun ni, àyẹ̀wò dí-ẹ̀n-éè ló kù. Ara Bàbá wúlò fún ìyẹn ju ti ẹnikẹ́ni yín lọ, torí apá kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá nìkan ń fún ọmọ, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń gbà á, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin kì í gbé e fún ọmọ tiwọn. Gbòǹgbò erìgì àti eegun líle tó wà nínú etí ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún un. Nínú ilẹ̀ gbígbóná tó kan bíi tiwa, lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́rin, ó lè má jáde, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ padà lọ bá ẹni tó kọ ìwé náà kí ẹ bi í ní ohun mẹ́rin yìí: ìpele wo ni ó fi ìbàdí sí, ṣé iwájú ìbàdí wà lódindi àbí ẹ̀yìn ló lò, ṣé 35 sí 60 jẹ́ ti ìdá méjì nínú mẹ́ta àbí ti márùndínlọ́gọ́rùn-ún, àti bóyá ihò eyín tó ti jinná wà lẹ́nu. Bó bá ní iwájú ìbàdí kò sí, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú erùpẹ̀ tí àwọn bíríkìlà kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n má tíì fi erùpẹ̀ náà di ìpìlẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n rán ẹni tó mọṣẹ́ wá jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀, gbígbẹ, láìda omi sí i, torí àjákù ìbàdí náà lè máà ju ìdajì àtàǹpàkò lọ, eyín á sì kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó níbẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀: ọdún tí wọ́n rọ ọ́ wà lára rẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé wọ́n sin ín mọ́ òkú náà ni, wọn kò lè ti sin òkú náà ṣáájú ọdún yẹn.